Bí A Ṣe Ń Fọ Ihò Ọ̀pá Ìbọn Ọdẹ, Tí A sì Ń Fi Epo Pa Á, Kí Ìpẹtà Má Baà Bà Á Jẹ́

A kọ àlàyé yìí fún àwọn ọdẹ tí wọ́n ní ìwé àṣẹ ìbọn, tí wọ́n ń gbé ní Ọmọ́lé, Òjódù, Ògbà, Agídíngbì, Àgègè àti gbogbo agbègbè Ìkẹjà tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Kò sí igbó ọdẹ mọ́ ní ìgboro wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọdẹ yóò kọjá sí apá Ìpínlẹ̀ Ògùn, yóò sì gbé ìbọn rẹ̀ padà wálé lẹ́yìn náà. Ìbọn náà lè wà nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù kan kí a tó tún lò ó. Àárín àkókò yìí gan-an ni ìpẹtà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìdóògún, máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀, bí ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Ọ̀wọ́ kejì ni ìbọn oníkátíríìjì tí ọdẹ ń lò àti ìbọn ọdẹ tí inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà yíyí. Ọ̀wọ́ kẹta ni ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ṣakabùlà. Ìbọn onílà yíyí ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa. Ṣakabùlà ni ó tètè máa ń dípẹtà jù lọ, nítorí náà òun ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn èyí ni a óò sọ ibi tí ìtọ́jú àwọn yòókù gbé yàtọ̀.

Ohun tí ó ń fa ìpẹtà nínú ọ̀pá ìbọn

Nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀tù dúdú: iyọ̀ kan tí ń mú iná jó, èédú, àti imí ọjọ́. Bí a bá pín ẹ̀tù sí ọ̀nà 100, iyọ̀ yìí máa ń tó 75, èédú 15, imí ọjọ́ 10. Nígbà tí ìbọn bá dún, kì í ṣe gbogbo ẹ̀tù ni ó ń di èéfín. Ohun tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ ni ó ń di ohun líle. Apá kan bá èéfín jáde, apá kan sì lẹ̀ mọ́ ara ihò ọ̀pá bí ẹ̀gbin dúdú. Iyọ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀gbin náà, irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ọbẹ̀ ti ń rin nínú agolo nígbà òjò.

Irin tí ó mọ́ tí kò sì ní iyọ̀ lára lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dípẹtà, bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ṣùgbọ́n ní Ìkẹjà, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń ju 80 nínú 100 lọ ní òwúrọ̀. Nínú irú afẹ́fẹ́ yìí, iyọ̀ inú ọ̀pá yóò rin, yóò di omi iyọ̀, omi iyọ̀ náà yóò sì máa jẹ irin láìdáwọ́ dúró. Bí a bá fi ṣakabùlà sílẹ̀ láìfọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí a yìn ín, àwọ̀ pupa lè ti yọ nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Láti inú èyí ni a ti rí ìdí tí epo nìkan kò fi lè gba ìbọn là. Epo kì í yọ́ iyọ̀. Kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù kò lè yọ́ ọ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá da epo lé ẹ̀gbin ẹ̀tù ti bo omi àti iyọ̀ mọ́ ara irin ni, ìpẹtà yóò sì máa lọ lábẹ́ epo náà. Omi ni ó ń yọ́ iyọ̀. Nítorí náà ètò mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ní, a kò sì gbọdọ̀ yí i padà: a ó fi omi fọ̀ ọ́, a ó gbẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ni a ó fi epo pa á.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìbọn kò ní ẹ̀tù nínú

Ẹ yọ kápù kúrò lórí ọmú ìbọn, tàbí kí ẹ gbọn ẹ̀tù kúrò nínú àwo rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ìbọn olókùúta. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò sí ènìyàn, ẹ má sì gbé ojú lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn wọ inú ihò títí yóò fi dúró, kí ẹ fi ìka sàmì sí i ní ibi tí ó bá ẹnu ìbọn mu. Ẹ fà á yọ, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìta ọ̀pá ìbọn, kí àmì náà bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Bí orí ọ̀pá ìkìbọn bá dé ẹ̀gbẹ́ ihò tí iná ń gbà wọlé, inú ìbọn ṣófo. Bí ó bá kù ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó dé ibẹ̀, ìbọn náà ṣì wà ní kíkì.

Ìbọn tí ó wà ní kíkì kò ṣeé fọ̀, a kò sì lè yìn ín ní ìgboro láti tú u. Ẹ má fi irin gún ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ da omi sí i láti ẹnu àti láti ihò iná títí ẹ̀tù yóò fi rin gbingbin, nítorí ẹ̀tù dúdú tí ó ti rin kò lè gbaná. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe fa ọta àti ẹ̀tù náà jáde. Kí gbogbo ẹ̀tù àti kápù yòókù kúrò nínú yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá níbẹ̀.

Fífọ ṣakabùlà ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé láti oko ọdẹ

Ẹ jẹ́ kí a mú ọdẹ kan tí ó dé sí ilé rẹ̀ ní Ọmọ́lé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, nínú oṣù kẹfà. Ìgbà mẹ́ta ni ó yìnbọn, òjò sì pa á lójú ọ̀nà. Ohun tí ó nílò kò pọ̀: omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi lítà méjì, omi gbígbóná lítà kan, ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀, àkísà òwú tí ó mọ́ tí a gé ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, búrọ́ọ̀ṣì onídẹ tí ó bá ihò ìbọn mu, àti epo. Kí ó tọ́ omi náà wò kí ó tó lò ó, nítorí omi kànga àti omi ẹ̀rọ ní àwọn ibì kan ní Èkó máa ń ní iyọ̀. Omi òjò tí a gbè sára dára ju irú omi bẹ́ẹ̀ lọ. A kò gbọ́dọ̀ da ohun tí a fi ń bó aṣọ sínú omi yìí, nítorí ó ń jẹ irin ju iyọ̀ ẹ̀tù lọ.

Bí ọ̀pá náà bá ṣeé tú kúrò lára igi rẹ̀, kí ó tú u. Bí kò bá ṣeé tú, kí ó fi aṣọ tí a fi epo pa wé ojú ibi tí irin àti igi ti pàdé, kí omi má wọ abẹ́. Kí ó tú ọmú ìbọn jáde bí ó bá ṣeé tú, kí ó sì fi í sínú omi ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, kí ó da omi ọṣẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ọ̀pá, kí ó jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ó sì dà á nù. Omi àkọ́kọ́ yìí yóò dúdú bí aró, yóò sì máa rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Imí ọjọ́ ni ó ń rùn bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yìí ni ó kan búrọ́ọ̀ṣì. Kí ó fi omi ọṣẹ rin ín, kí ó sì tì í lọ tì í bọ̀ nígbà mẹ́wàá tàbí méjìlá, kí ó rí i pé ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìdí ọ̀pá ni ẹ̀gbin ń pọ̀ sí jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tù ti ń jó, òun náà sì ni ibi tí ojú kì í dé. Kí ó tún da omi ọṣẹ sí i, kí ó sì dà á nù. Kí ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ìyẹ́ adìyẹ la ihò iná. Bí omi bá ń jáde níbẹ̀ ní funfun, tí àkísà tí a tì wọlé sì padà jáde láìní àwọ̀ dúdú, iyọ̀ ti kúrò. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ni ó sábà máa ń gbà.

Omi gbígbóná ni a ó fi ṣan án kẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú irin gbóná kí ó lè tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n irin tí ó gbóná tí ó sì tutù lára kì í dúró dè wá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ọsàn lè bò ó. Nítorí náà kí àkísà gbígbẹ ti wà nílẹ̀ kí a tó da omi náà. Bí omi bá ti jáde tán, kí ó ti àkísà wọlé kíákíá, kí ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ títí èyí tí ó jáde yóò fi gbẹ. Kí ó wá gbé ìbọn náà kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó tún ti àkísà gbígbẹ kan sí i. Bí èyí kò bá rin, àkókò epo tó.

Epo tí ó yẹ àti ìwọ̀n rẹ̀

Epo tí a ń tà fún ìbọn ni ó dára jù, nítorí ó ní èròjà tí ń dènà ìpẹtà. Bí a kò bá rí i, a lè lo epo ẹ́ńjìnnì tuntun tí a kò tíì lò rí. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì máa ń tètè ṣàn kúrò lára irin, nítorí náà a ó máa tún un pa ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Epo inú agolo tí a ń fín máa ń lé omi kúrò dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi sílẹ̀ lára irin tín-ín-rín. Kí a má gbẹ́kẹ̀ lé e fún oṣù kan.

Oríṣi epo kan wà tí a kò gbọdọ̀ lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wà nítòsí. Epo pupa, epo ẹ̀pà àti àdín jẹ́ epo oúnjẹ. Wọ́n ní omi kíkan nínú, tí ó lè jẹ irin, bí wọ́n bá sì pẹ́, wọ́n á dì, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ irin bí oje igi. Epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú jáde nínú ọkọ̀ dúdú nítorí pé ó ti kó ẹ̀gbin, omi àti oró iná jọ. Ẹni tí ó fi í pa ìbọn ti dá ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kúrò padà síbẹ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ kán epo bíi ẹ̀kán márùn-ún tàbí mẹ́fà sórí àkísà mímọ́, kí ẹ tì í dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fà á jáde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú yíyí. Ihò náà gbọ́dọ̀ máa dán bí ohun tí ó rin, ṣùgbọ́n epo kò gbọdọ̀ kán. Epo tí ó bá pọ̀ jù yóò ṣàn lọ sí ìdí ọ̀pá. Yóò rin igi ìbọn títí igi náà yóò fi rọ̀, yóò sì dí ihò iná, kí ìbọn wá kọ̀ láti dún nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Ẹ fi àkísà kan náà nu ìta ọ̀pá, ọmú ìbọn àti ibi gbogbo tí ọwọ́ ti kàn, nítorí òógùn ọwọ́ náà ní iyọ̀ nínú.

Ní ọjọ́ kejì, kí ọdẹ yìí ti àkísà funfun kan wọ inú ọ̀pá náà. Bí ó bá jáde pẹ̀lú epo nìkan, iṣẹ́ ti parí. Kí ó tún fi epo díẹ̀ pa á. Bí ó bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀, iyọ̀ ṣì kù níbẹ̀. Kí ó má kàn da epo sí i. Kí ó padà sí omi ọṣẹ, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbọn oníkátíríìjì àti ìbọn onílà yíyí

Ẹ̀tù inú kátíríìjì òde òní kì í fi iyọ̀ púpọ̀ sílẹ̀, nítorí náà kò pọn dandan kí a fi omi fọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀, àfi bí òjò bá wọ inú rẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ rí i pé kò sí kátíríìjì, kí ẹ sì wo inú ihò náà já. Ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì onídẹ tí a fi epo ìfọ̀bọn rin gba ìdí ọ̀pá wọlé, kí ó jáde ní ẹnu, nígbà mẹ́wàá. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì fi epo pa á bí a ti sọ. Ìlà eérú tí ó lẹ̀ mọ́ ihò jẹ́ òjé tàbí ike kátíríìjì tí ó yọ́. Ó yẹ kí a bó o, nítorí ọ̀rinrin ń sá pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ní ti ìbọn onílà yíyí, ìdí ọ̀pá ni kí a ti máa ti ọ̀pá ìfọ̀bọn wọlé nígbà gbogbo tí ìbọn náà bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ọ̀pá náà má baà ha àwọn ìlà tí ó wà ní ẹnu ìbọn.

Ibi tí a ń gbé ìbọn sí

Òfin fẹ́ kí ìbọn wà ní ibi tí ẹlòmíràn kò lè dé, nítorí náà inú àpótí tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni ó yẹ kí ó wà. Ẹ jìnnà sí ògiri tí òjò ń nà láti ìta. Ẹ má fi ìbọn sínú àpò aláwọ tàbí àpò aṣọ tí a fi gbé e lọ sí oko, nítorí irú àpò bẹ́ẹ̀ máa ń mu omi, yóò sì máa fún irin ní omi náà fún ọjọ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ọmọ́lé ní bátìrì ńlá tí ń gbé iná pamọ́. Bátìrì olómi máa ń tú ìkùukùu kíkan jáde nígbà tí ó bá ń gba iná, nítorí náà kí ìbọn má sí nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ó ń wọ yàrá láti ojú fèrèsé náà ní imí ọjọ́, ó sì ń di omi kíkan bí ó bá pàdé ọ̀rinrin.

Ẹ̀rọ amúlétutù náà ní ìṣòro tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú yàrá tútù gbẹ, ó sì dára fún irin níwọ̀n ìgbà tí irin náà bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìbọn tí ó ti tutù jáde láti inú yàrá náà sí ìta ní alẹ́ oṣù kẹfà, omi yóò sẹ̀ sí ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń sẹ̀ sí ara ìgò omi tútù. Inú ihò ọ̀pá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí a kò tilẹ̀ rí i. Ẹ gbé ìbọn náà sí yàrá tí kò tutù fún wákàtí kan kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì fi àkísà gbígbẹ nu inú àti ìta rẹ̀.

Ẹ dojú ẹnu ìbọn kọ ilẹ̀ lórí aṣọ, kí epo tí ó bá ṣàn má lọ sí ara igi. Ẹ má fi àkísà dí ẹnu ìbọn. Àkísà náà ń há ọ̀rinrin mọ́ inú, ewu tí ó sì tóbi jù ni pé a lè gbàgbé rẹ̀. Ọ̀pá tí a bá yìn nígbà tí ẹnu rẹ̀ wà ní dídí lè bẹ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ìpẹtà ti jìn

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sínú ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní àsìkò òjò, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ ti àkísà tí ó fún díẹ̀ wọlé, kí ẹ sì fiyè sí bí ó ti ń rìn lọ́wọ́ yín. Bí ó bá ń lọ geere, ihò náà dára. Bí ó bá ń há ní ibì kan, ìpẹtà ti gbé ara rẹ̀ ró níbẹ̀. Ìpẹtà tí ó wà lójú irin nìkan ṣeé fi búrọ́ọ̀ṣì onídẹ àti epo fọ̀ kúrò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A kò gbọdọ̀ lo yanrìn, bíríkì lílọ̀ tàbí pépà tí káfíńtà fi ń ha igi, nítorí wọ́n ń gé irin tí ó dára mọ́ èyí tí ó bàjẹ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ ìpẹtà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ yóò kù sínú ihò náà, ìpẹtà tuntun yóò sì yọ.

Bí ìpẹtà bá kúrò tí ó sì fi ihò wínníwínní sílẹ̀, irin ti sọnù níbẹ̀, kò sì sí epo tí ó lè dá a padà. Ẹ̀gbin ẹ̀tù yóò máa sá pamọ́ sínú àwọn ihò náà, fífọ̀ yóò sì túbọ̀ le. Ibi tí ihò náà wà ni a fi ń mọ ewu rẹ̀. Bí ó bá wà nítòsí ẹnu ìbọn, ewu rẹ̀ kéré. Bí ó bá wà ní ìdí ọ̀pá, níbi tí agbára ẹ̀tù ti pọ̀ jù, ẹ má yin ìbọn náà mọ́. Èyí rí bẹ́ẹ̀ gan-an fún ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù omi ṣe, nítorí irin rẹ̀ kò nípọn, kò sì sí ẹni tí ó dán agbára rẹ̀ wò kí wọ́n tó tà á. Ẹni tí òfin fún ní àṣẹ nìkan ni ó lè tún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe. Kí ìwé àṣẹ yín bá a lọ, kí ẹ má sì fi rán ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún ń lọ sí oko ọdẹ, ohun kan ṣoṣo ni ó kù. Epo tí ó dáàbò bo ìbọn nínú ilé kò gbọdọ̀ wà nínú ihò nígbà tí a bá ń yìn ín. Ó ń rin ẹ̀tù ṣakabùlà, ó sì lè mú kí agbára tí ó wà nínú ọ̀pá ìbọn onílà yíyí ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ fi àkísà gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta nù ún kúrò kí ẹ tó ki ìbọn, kí ẹ sì tún wò ó pé ihò iná là.